Àníkẹ́ kò gbọ́ràn: ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni ká rà, àbí ká ta ilẹ̀ fún ìmpíláǹtì?

Ìyá Àníkẹ́

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 2 àti oṣù 4, kò tíì pe "màmá" rí. Ibà pọ́njú mú un ní ọjọ́ kẹta tí mo bí i, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó pé oṣù 8, wọ́n ki nǹkan kékeré kan bọ̀ ọ́ létí ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní etí rẹ̀ dáa. Ìyá ọkọ mi ní ahọ́n rẹ̀ ló so, pé ká lọ gé e. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n so wáyà mọ́ ọn lórí níbòmíràn nígbà tó ń sùn, wọ́n ní kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnìkan fẹ́ ta ẹ̀rọ ìgbọ́ràn méjì fún wa ní ₦760,000. Ilé ìwòsàn kan pe ìmpíláǹtì, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé sínú etí, ní mílíọ̀nù 28 fún etí kan ṣoṣo. Èwo ni ká ṣe? Ṣé yóò sọ̀rọ̀? Ọkọ mi ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ wa.

---

Alájì Ìṣẹ́yìn

Ẹ má náwó lórí èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ etí yẹn. Ọmọ àbúrò mi lò ó fún ọdún kan, ariwo lásán ló ń gbọ́, kò mú ọ̀rọ̀ kankan jáde. Ẹ gbé ọmọ lọ sí Íńdíà. Owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ń pè níhìn-ín. Tí wọ́n bá ti fi ìmpíláǹtì sí i, ó parí nìyẹn, yóò máa gbọ́ bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń gbọ́. Ilẹ̀ ṣeé rà padà, ọmọ kò ṣeé rà padà.

---

Adétí, Ìbàdàn

Iṣẹ́ ìgbọ́ràn ni mò ń ṣe, àwọn ọmọdé ni mo sì ń rí jù. Màmá Àníkẹ́, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀ ná.

Àyẹ̀wò méjèèjì tí ẹ sọ kò ta ko ara wọn rárá. Èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù 8, OAE ni wọ́n máa ń kọ sára èsì rẹ̀. Ó ń rán ìró wọnú etí, ó sì ń dúró gbọ́ ìró kékeré tí àwọn irun tín-ín-tín inú kọ́kílíà, apá inú lọ́hùn-ún etí tó ń gba ìró, ń dá padà. Kò dé ibi iṣan tó ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ. Èyí tí wọ́n so wáyà mọ́ orí fún, ABR, iṣan yẹn gan-an ló ń wò. Ọmọ tí ibà pọ́njú mú débi tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí OAE rẹ̀ dáa, tí ABR rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ohun tí mo máa kọ́kọ́ fura sí ni pé ìró ń wọlé dáadáa, iṣan ni kò gbé e lọ létòlétò. Ohun tó ń mú ojú ọmọ pọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹn, iṣan etí àti ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló máa ń bà jẹ́. Ó sábà máa ń fi irun inú kọ́kílíà sílẹ̀.

Ẹ wo ẹgbẹ́ onílù tí gbogbo wọn ń lù, tí kò sí èyí tó bá ẹnì kejì rẹ̀ mu. Tí ẹ bá ní kí wọ́n lù ú kíkankíkan sí i, ariwo ni yóò pọ̀, ohun tí ìlù ń sọ kò ní yé ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni láti mú ohùn lọ sókè. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an fún ẹni tí irun kọ́kílíà rẹ̀ kò lágbára tó, tí iṣan rẹ̀ sì pé. Fún irú ọmọ tí mò ń sọ yìí, nígbà mìíràn ariwo nìkan ló máa ń fi kún un. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ àbúrò Alájì nìyẹn, ó sì tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn kò tò ó dáadáa fún un.

Ìmpíláǹtì kì í mú ohùn lọ sókè. Wọ́n ń ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú kọ́kílíà lábẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rọ ìta tó wà lẹ́yìn etí ń gba ohùn, ó ń sọ ọ́ di iná kékeré, wáyà yẹn sì ń fi iná ọ̀hún ta iṣan etí tààrà, kí gbogbo rẹ̀ lè dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ibà pọ́njú ba iṣan etí wọn jẹ́ fi ń jàǹfààní rẹ̀. Mo ní ọ̀pọ̀, mi ò ní gbogbo wọn.

Ẹ wá dá mi lóhùn. Ṣé wọ́n ṣe ABR yẹn lọ́nà méjì, tí wọ́n yí ìdojúkọ ìró padà lẹ́ẹ̀kejì? Ibẹ̀ la ti ń rí i bóyá ohun tó hàn lójú ẹ̀rọ ti inú kọ́kílíà wá tàbí ti iṣan. Ṣé wọ́n ti ya àwòrán MRI? Àwọn ọmọ kan wà tí iṣan etí wọn tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tàbí tí kò sí níbẹ̀ rárá. Tí kò bá sí iṣan, kò sí ohun tí iná fẹ́ ta. Ẹ kò gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ abẹ kí dókítà tó fi iṣan náà hàn yín lójú àwòrán. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ṣé yírùnyírùn mú un rí? Tí ó bá mú un, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí egungun lè dí inú kọ́kílíà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀, wáyà kò sì ní rí ọ̀nà wọlé mọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nìkan ni mo máa ń ní kí àwọn òbí rẹ̀ sáré fún.

Ẹ fi ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Ahọ́n tó so lè má jẹ́ kí ọmọ pe ọ̀rọ̀ kan já gaara, kò lè ní kó má yíjú nígbà tí ìkòkò bá jábọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá sì tún bí òmíràn, ẹ má fi káfúrà sáàárín aṣọ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa kan kò lè gbà á, ibà pọ́njú líle ló máa ń yọrí sí.

---

Bàbá Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun fún àlàyé yìí. Ọmọ ọdún 71 ni mí. Mo ra ẹ̀rọ kan ní Ìdúmọ̀tà, ó wà nínú páálí, wọn kò yẹ̀ mí létí wò kí wọ́n tó tà á. Ó ń fọn fèrè ní gbogbo ìgbà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé kì í yé mi, ti ọkùnrin yé mi díẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ mi ti di ti ìmpíláǹtì ni?

---

Adétí, Ìbàdàn

Rárá, bàbá wa. Ohun tí ẹ sọ yẹn, pé ohùn ọkùnrin yé yín ju ti ọmọdé lọ, ohun tí ọjọ́ orí sábà máa ń fà ni. Àwọn ìró tín-ín-rín bí "s" àti "f" ló kọ́kọ́ ń lọ. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn gidi tí a tò mọ́ èsì àyẹ̀wò yín máa ń gbé àwọn ìró wọ̀nyẹn sókè jù. Èyí tó wà nínú páálí ń gbé gbogbo rẹ̀ sókè pọ̀, títí kan ariwo jẹnẹrétọ̀. Fèrè tó ń fọn, ohùn tó ti jáde ló ń sá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò etí, tí ẹ̀rọ tún ń gbà padà, nítorí orí rẹ̀ kò bá etí yín mu. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà etí-imú-ọ̀fun wo inú etí yín bóyá ìdọ̀tí ló dí i. Ní UCH, LUTH àti LASUTH, wọ́n wà níbẹ̀.

---

Bàbá Túndé, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi ní ìmpíláǹtì ní etí ọ̀tún láti 2019, nígbà tó pé ọdún 3. Ó ń gbọ́, ó ń sọ̀rọ̀, ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ti adití. Inú mi dùn pé a ṣe é. Síbẹ̀, Màmá Àníkẹ́, mílíọ̀nù 28 yẹn kọ́ ni iye rẹ̀.

Ohun tí wọ́n gbé sábẹ́ awọ lè pẹ́ gan-an. Èyí tó wà níta, tó ń gba ohùn, ni ìyà ń jẹ: òógùn, iyanrìn, ọmọ mìíràn tó fà á já. Wáyà tó so ó mọ́ ike róbótó tí mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ orí, òun ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Kì í já lójú, inú rẹ̀ ló ń gé. Ọmọ yóò gbọ́ nísinsìnyí, tó bá tẹrí báyìí kò ní gbọ́ mọ́, ẹ ó sì máa rò pé oríkunkun ló ń ṣe. A kì í ra wáyà yìí ní ọjà, ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló ń tà á, dọ́là ni wọ́n sì ń pè é. Nígbà tí tiwa gé, ọmọ fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ jókòó nínú ìdákẹ́jẹ́ kó tó dé, títí ó fi ń fi ọwọ́ gbá mi lẹ́nu pé kí n sọ̀rọ̀ sókè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wọ́n máa ń ní kí a pààrọ̀ ẹ̀rọ ìta yẹn lẹ́yìn ọdún 5 sí 7, nítorí pé tó bá gbó, ilé iṣẹ́ kò ní ṣe ohun èlò rẹ̀ mọ́. Ẹ sọ pé dọ́là 6,000 ni wọ́n pè é fún yín. Ní 2022, nígbà tí báńkì ń ta dọ́là ní bíi ₦450, mílíọ̀nù 2.7 ni. Nígbà tó di ₦1,500 ní 2024, ó ti di mílíọ̀nù 9. Ẹ pín mílíọ̀nù 9 sí ọdún 6, ₦125,000 ni ẹ gbọ́dọ̀ máa fi pamọ́ lóṣooṣù, yàtọ̀ sí wáyà, bátìrì, owó ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń tò ó, àti owó olùkọ́ tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Mo rí ìdílé tó ta ilé ṣe iṣẹ́ abẹ, tí ẹ̀rọ ìta wá kú, tí wọn kò rí owó mìíràn. Ọmọ wọn wà nílé báyìí, mágínẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ awọ orí rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan.

Tí ẹ bá máa ta ilẹ̀, ẹ má tà á tán sórí iṣẹ́ abẹ.

---

Alájì Ìṣẹ́yìn

Bàbá Túndé, ìdí tí mo fi ní Íńdíà náà nìyẹn. Ẹ ṣe é ní owó pọ́ọ́kú, kí èyí tó kù wà fún àtúnṣe.

---

Bàbá Túndé, Abẹ́òkúta

Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ kéré níbẹ̀, Alájì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kọ́ ni wọ́n ń tan ẹ̀rọ náà. Ojú ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ jinná, bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tàn án, wọ́n á máa so ó mọ́ kọ̀ǹpútà léraléra láàárín ọdún àkọ́kọ́, láti mọ iye iná tí ojú wáyà kọ̀ọ̀kan nílò: èyí tó kéré jù tí ọmọ lè gbọ́, àti èyí tó pọ̀ jù tí kò ní dùn ún. Iye yẹn ń yí padà bí iṣan ṣe ń mọ́ ọn lára. Ta ni yóò máa gbé ọmọ lọ sí Íńdíà fún èyí? Ẹni tó wà ní Nàìjíríà tó ní kọ̀ǹpútà àti ètò ti ilé iṣẹ́ tí ẹ ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè tò ó. Ti ilé iṣẹ́ kan kò ṣiṣẹ́ fún ti òmíràn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa bi ẹnikẹ́ni báyìí ni pé ta ló máa tò ó, ìlú wo ló wà, tó bá kúrò níbẹ̀ ńkọ́?

---

Alájì Ìṣẹ́yìn

Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń tò ó léraléra bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti owó Íńdíà, mi ò kúrò lórí rẹ̀ o. Ẹni tó ní ẹni tí yóò tò ó nílé lè lọ ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́hùn-ún.

---

Ọmọlará, Lọ́ńdọ̀nù

Níbí yìí, ìjọba ló ń san gbogbo rẹ̀ fún ọmọ. Wọ́n ń yẹ etí ọmọ tuntun wò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí a bí i, láti 2009 sì ni wọ́n ti ń fi ìmpíláǹtì sí etí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà fún ọmọ tó bá tọ́ sí. Bátìrì, wáyà, ẹ̀rọ ìta tuntun, mi ò san nǹkan kan rí. Ọmọ mi ọkùnrin gba tirẹ̀ ní oṣù 14. Ìró tí kò bá tó 80 dẹ̀síbẹ̀lì, kò lè gbọ́ ọ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ tí èmi àti ẹ̀yin ń sọ nínú yàrá jẹ́ nǹkan bíi 60.

Mo fẹ́ kí Màmá Àníkẹ́ mọ bí ọjọ́ tí wọ́n tàn án ṣe rí, nítorí àwọn fídíò tó wà káàkiri, tí ọmọ ń rẹ́rìn-ín tí ìyá ń sunkún ayọ̀. Ọmọ tèmi figbe ta, ó sì fa ike róbótó náà yọ lórí. Fún oṣù mélòó kan kò pe ọ̀rọ̀ kankan. Ẹni tó ń kọ́ wa ní ká máa ka ọjọ́ orí etí rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n tàn án, ká má ka ti ara rẹ̀. Ìyẹn ló fọkàn mi balẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún, nílé la ti ń ṣe é: mo máa ń pè é lẹ́yìn, mo máa ń dúró kó yíjú, mo máa ń fi ìró han ilẹ̀kùn, omi, ajá, lójoojúmọ́. Ó ti pé ọdún 9 báyìí, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara. Tó bá wọ ibi ayẹyẹ tí ariwo pọ̀, kò gbọ́ ẹnìkan. Tó bá wẹ̀ tàbí tó bá sùn, a máa yọ ọ́, adití ni nígbà yẹn.

Yorùbá rẹ̀ ni kò lọ dáadáa. Ìró òkè àti ti ìsàlẹ̀ máa ń rú u lójú. Tí mo bá ní kó gbé ọkọ́ wá, ó lè máa wá ọkọ̀. Wọ́n ní kí n fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan bá a sọ̀rọ̀.

---

Adétí, Ìbàdàn

Ohun tí ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù sọ nípa ìró òkè àti ìsàlẹ̀, òótọ́ ni, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Irun tó ń ṣiṣẹ́ yìí nínú kọ́kílíà tó dára tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ojú iná tó wà lára wáyà ìmpíláǹtì kò ju 12 sí 22 lọ lórí àwọn tó wọ́pọ̀. Ó tó láti fi mọ "b" yàtọ̀ sí "s", kò fi bẹ́ẹ̀ tó láti fi mọ bí ohùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n rí lára àwọn ọmọ tó ń sọ èdè àwọn ará Ṣáínà, nítorí èdè tiwọn náà ní ìró òkè àti ìsàlẹ̀.

Àmọ́ mi ò fara mọ́ pé kí wọ́n pa Yorùbá tì. Tí gbogbo ilé bá ń sọ Yorùbá, tí ìyá wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá a lójú bá ọmọ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ lójúmọ́ yóò dín kù. Ọmọ máa ń fi ìyókù gbólóhùn mọ̀ bóyá ọkọ́ ni tàbí ọkọ̀. Ẹni tó bá ní etí kan tó ṣì ń gbọ́ díẹ̀, tí wọ́n fi ìmpíláǹtì sí ìkejì, mo máa ń ní kó má bọ́ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ti etí yẹn, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ìró tó nípọn, tí a fi ń mọ ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, ti ń wọlé.

---

Káyọ̀dé, Ìjokòdó

Adití ni mí, mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Ìbàdàn. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Kò sí ẹni tó béèrè pé kí ni Àníkẹ́ yóò máa fi sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Láti 1960 tí Andrew Foster ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ n'Ìbàdàn la ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ níbí. Èmi kò kórìíra ìmpíláǹtì. Ṣùgbọ́n owó kò tíì sí, MRI kò tíì jáde, wọ́n ṣì máa gbé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wò. Ó lè di ọdún kan kí wọ́n tó tan nǹkan kan fún un. Ọmọ yẹn yóò sún mọ́ ọdún 3 àti ààbọ̀ láìní orúkọ fún omi, fún ìrora, fún ìyá rẹ̀. Ọpọlọ kì í dúró de owó. Ẹ kọ́ ọ ní èdè ọwọ́ láti òní, ẹ̀yin náà ẹ kọ́ ọ.

---

Ọmọlará, Lọ́ńdọ̀nù

Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ má bínú, ẹni tó ń kọ́ wa ní kí a má fi ọwọ́ ṣe é, kí ọmọ má baà fi etí sílẹ̀. Mo tẹ̀ lé e, ọmọ mi ń sọ̀rọ̀.

---

Káyọ̀dé, Ìjokòdó

Ọmọ tiyín gba tirẹ̀ ní oṣù 14, ẹ kò san owó, wọ́n sì ń tò ó fún yín nítòsí. Ti Àníkẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ti Àníkẹ́ kò bá ṣiṣẹ́, kí ló kù fún un?

---

Adétí, Ìbàdàn

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an kò fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Èrò tèmi ni pé ọwọ́ kì í pa ẹnu ọmọ. Ohun tó ń pa á ni kí ẹ̀rọ wà nínú àpótí, kí wọ́n má fi sí i létí láti àárọ̀ dé alẹ́. Ọmọ irú ti Àníkẹ́, tí a kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìmpíláǹtì yóò ṣe gbogbo iṣẹ́, mo máa ń ní kí wọ́n fi ọwọ́ kún un. Ẹ̀gbọ́n Ọmọlará ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó rí lára ọmọ tirẹ̀.

---

Ṣadé, Òǹdó

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ọdún 11, wọ́n bí i ní adití, kò lo ẹ̀rọ kankan rí. Olóṣèlú kan fẹ́ san owó ìmpíláǹtì. Ṣé a gbà?

---

Adétí, Ìbàdàn

Ó ṣeé ṣe kó máa gbọ́ fèrè mọ́tò àti ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Kí ó máa fi etí gbọ́ ọ̀rọ̀, mi ò rò bẹ́ẹ̀. Apá ọpọlọ tó yẹ kó máa gbọ́ràn ti gba iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn ọdún bíi 7 láìgbọ́ nǹkan kan. Èsì máa ń dára jù fún àwọn tó gbà á kí wọ́n tó pé ọdún 3 àti ààbọ̀, ó sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò bá tíì pé ọdún kan àti ààbọ̀. Àgbàlagbà tó ti gbọ́ràn rí, tó ti sọ̀rọ̀ rí, kò sí nínú èyí o, ìyẹn lè gbà á ní ọdún 60 kó sì ṣe é lóore. Tí owó olóṣèlú yẹn bá lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó dára fún ọmọ náà, ibẹ̀ ni mo máa ní kó lọ. Ẹ bi ọmọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, ọdún 11 ti tó ẹni tí à ń bi.

---

Ìyá Àníkẹ́

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ó ti pẹ́ díẹ̀, a ti ṣe MRI. Dókítà fi iṣan hàn wá lójú àwòrán, ó wà ní etí méjèèjì, ó ní ti òsì tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀. Wọ́n tún ABR ṣe lọ́nà méjì tí ẹ sọ. Wọ́n ní ohun tí bùrọ̀dá Adétí fura sí náà ni. Yírùnyírùn kò mú un rí. A kò ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ti ₦760,000 yẹn, níbi tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò, wọ́n yá wa ní méjì kí a fi gbìyànjú fún oṣù 3. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́? Àwọn ará ilé ń ní ó ń yíjú tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́.

---

Adétí, Ìbàdàn

Ẹ má fi pípàtẹ́wọ́ dán an wò, ó lè jẹ́ atẹ́gùn tàbí òjìji ọwọ́ yín ló rí. Ẹ lo ìró mẹ́fà tí à ń lò níbi gbogbo, gbogbo wọn sì wà nínú Yorùbá: m, u, a, i, ṣ, s. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ẹ fi páálí bo ẹnu, ẹ sọ ọ̀kan bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ẹ dákẹ́, ẹ tún sọ òmíràn. Ẹ má tò wọ́n léraléra lọ́nà kan náà. Ẹ kọ èyí tó yíjú sí sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́. Tó bá gbọ́ "m" àti "u" tí kò gbọ́ "s", ìró tó nípọn nìkan ló ń wọlé. Tó bá jẹ́ pé lánàá ó gbọ́ mẹ́rin, tí òní kò gbọ́ ọ̀kan, ẹ wo bátìrì kí ẹ tó wo ọmọ. Bátìrì tuntun, tí ẹ bá bọ́ ìlẹ̀mọ́ ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó fi sínú ẹ̀rọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kì í pẹ́ kú. Ní alẹ́, ẹ kó ẹ̀rọ sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú àpò kékeré tí ń fa omi, irú èyí tí wọ́n ń kó sínú páálí bàtà. Mọ́ọ̀dì etí rẹ̀, ike tó wọ inú ihò etí, yóò di kékeré fún un láàárín oṣù díẹ̀, tó bá ti ń fọn fèrè, ẹ tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa irú ti Àníkẹ́. Ẹni tó ń to ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ fi ABR tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn gbé ohùn lọ sókè pátápátá. ABR irú ọmọ yìí kò sọ iye tó ń gbọ́. Ìwé tí ẹ ń kọ yẹn ni kó máa fi tò ó. Àwọn kan lára wọn gbọ́ ju bí a ṣe rò lọ, ìdí sì nìyẹn tí a kì í fi sáré ṣe iṣẹ́ abẹ, nítorí wáyà tó bá wọ kọ́kílíà sábà máa ń pa díẹ̀ tó kù níbẹ̀.

---

Ìyá Àníkẹ́

Ó gbọ́ "a" àti "u" láàárọ̀ yìí. Kò gbọ́ "ṣ" tàbí "s" rí títí di òní. Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, arábìnrin tí ẹ júwe fún mi ti ń wá kọ́ wa ní ọjọ́ Sátidé. Àníkẹ́ ti fi ọwọ́ béèrè omi lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí i tí a ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, a ṣì ń fa ọ̀rọ̀ yẹn.

Tí oṣù 3 bá pé tí kò sí ìyàtọ̀, etí ọ̀tún ni dókítà ní wọ́n máa ṣe. Ọkọ mi ní kí a ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà bí ti Lọ́ńdọ̀nù.

---

Bàbá Túndé, Abẹ́òkúta

Tí owó etí kejì bá wà, ẹ fi pamọ́ fún ẹ̀rọ ìta àti wáyà etí kìíní. Ẹ ra wáyà méjì ní ọjọ́ tí ẹ bá sanwó, kí ọ̀kan wà nílé. Kí wọ́n kọ ọdún tí àtúnṣe ọ̀fẹ́ yóò fi wà sínú ìwé, kí orúkọ ẹni tó ń tò ó náà sì wà níbẹ̀.

---

Ọmọlará, Lọ́ńdọ̀nù

Èmi ì bá ṣe méjèèjì. Ọmọ tó ń fi etí kan gbọ́ kò mọ ibi tí mọ́tò ti ń bọ̀.

---

Adétí, Ìbàdàn

Pẹ̀lú iṣan òsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, mi ò ní náwó síbẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ọ̀tún, ẹ wò ó fún ọdún kan. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà nùmóníà àti yírùnyírùn gbọ́dọ̀ ti wọ ara rẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, ẹ béèrè rẹ̀ tí wọn kò bá dárúkọ rẹ̀. Ẹ sì mú ìwé ìró mẹ́fà yẹn dání tí ẹ bá ń padà lọ.